Ṣé Lóòótọ́ Ni Iyọ̀ Ń Dín Ìkorò Kafé Kù?

Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ bá wá tọrọ ìyàwó, ọmọbìnrin tí wọ́n wá tọrọ ni í se kafé fún àwọn àlejò. Kafé dáradára ni ó ń gbé fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ó ń dà sínú ife àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ mu ún tán láìfajúro, kí gbogbo ilé lè rí i pé ó ní sùúrù. Iyọ̀ ìyẹn pọ̀ gan-an, eré àti ìdánwò ni wọ́n sì fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n iyọ̀ mìíràn wà nínú kafé tí kì í ṣe eré. Ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú ni, ẹni tí ó fi í sínú ife rẹ̀ sì gbàgbọ́ pé yóò dín ìkorò kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ náà ní ààlà.

Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní ilé ìwádìí Mónẹ́ẹ̀lì, ní ìlú Filadẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò lo kafé. Wọ́n mú ohun kíkorò kan tí ń jẹ́ úríà, wọ́n pò ó mọ́ omi àti ṣúgà, wọ́n sì fi irú iyọ̀ kan sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tọ́ ọ wò. Nígbà tí iyọ̀ wọ inú omi náà, ìkorò rẹ̀ rọlẹ̀, adùn ṣúgà sì hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ ṣúgà nìkan ni ó wà nínú omi, tí kò sí ohun kíkorò níbẹ̀, iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún adùn rẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe pé iyọ̀ ń mú nǹkan dùn. Ìkorò ni ó ń dì lọ́wọ́ mú, ohun tí ìkorò ti bò mọ́lẹ̀ yóò sì wá yọjú.

Àwọn obìnrin tí ń fọ ewúro lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí àwọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi iyọ̀ sí ewúro kí wọ́n tó bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá ń fọ ewúro, omi kíkorò ń jáde lára ewé, wọ́n sì ń dà á nù. Nínú ife kafé, ẹnikẹ́ni kò da ohunkóhun nù. Gbogbo ohun kíkorò tí ó wà nínú ife ṣáájú iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn iyọ̀. Orí ahọ́n ni iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń dí àwọn ojú ibi tí ahọ́n fi ń mọ ìkorò lọ́wọ́, ahọ́n kò sì ní lè jíṣẹ́ ìkorò náà tán pátápátá.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí kafé kì í jẹ́ kí ó sùn. Ohun tí ń lé oorun lọ nínú kafé ni kaféìnì, iyọ̀ kò sì mú un kúrò. Bí ìkorò bá lọ sílẹ̀, tí ẹni náà wá mu ife méjì dípò ọ̀kan, yóò ka òrùlé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Gbogbo ìkorò kọ́ ni ó ń gbọ́ ti iyọ̀ bákan náà. Àwọn kan rọlẹ̀ púpọ̀, àwọn mìíràn rọlẹ̀ díẹ̀. Kafé sì ní ju irú ìkorò kan lọ. Díẹ̀ ń ti ara kaféìnì wá. Èyí tí ó pọ̀ jù ń wáyé nígbà tí wọ́n ń yan èso rẹ̀ lórí iná, bí ó bá sì ṣe ń dúdú sí i ni ìkorò rẹ̀ ń le sí i. Róbústà, tí í ṣe irú kafé tí wọ́n ń gbìn jù ní ilẹ̀ Tógò, ní kaféìnì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arábíkà, ó sì korò jù ú lọ. Ẹni tí ń mu Róbústà láìsí ṣúgà ni ó lè rí àǹfààní iyọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe retí pé ìkorò yóò parẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́ lè dán an wò nílé. Kí ó po ṣíbí kékeré kan iyọ̀, tí ó tó gíráàmù 5, mọ́ ìdajì ife omi. Kí ó se kafé láìsí ṣúgà àti láìsí wàrà, kí ó sì pín in sí ife méjì. Ìdajì ṣíbí kékeré omi iyọ̀ náà ni yóò bù sínú ife kan, kò ní bù sínú èkejì. Omi iyọ̀ dára ju iyọ̀ gbígbẹ lọ, nítorí ohun tí ìka mú lónìí lè jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ó mú lánàá. Kí ẹlòmíràn gbé ife méjèèjì wá fún un láìsọ èwo ni èwo. Ẹni tí ó bá ti mọ ife tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ yóò fẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́. Bí kafé kan bá ṣe rọ̀rùn lẹ́nu ju èkejì lọ láìjẹ́ pé ahọ́n gbọ́ iyọ̀, ìwọ̀n náà pé. Bí ahọ́n bá gbọ́ iyọ̀, ó ti pọ̀ jù, kò sì sí àtúnṣe àfi kí ó fi kafé mìíràn là á.

Ibi tí àṣà yìí ti lè di ẹ̀tàn ni ìdí ìgbá títà. Kafé tí ó ti hó kọjá àkókò rẹ̀, tàbí tí ó ti wà lórí iná láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, korò nítorí pé ó ti bàjẹ́. Iyọ̀ lè bo díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn jíjó kì í gbọ́ iyọ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn ife kí ó tó mu ún yóò sì mọ̀. Kafé tí ó kan pàápàá, iyọ̀ kò lè tún un ṣe. Kí ẹni tí ń tà kọ́kọ́ gbé kafé kúrò lórí iná lásìkò, kí ó má sì lọ̀ ọ́ kúnná jù. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ kàn.

Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ ṣúgà fún nítorí àtọ̀gbẹ ni iyọ̀ yìí wúlò fún jù lọ, nítorí ó lè ràn án lọ́wọ́ láti mu kafé tí kò ní ṣúgà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ní láti ṣírò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ṣe tó gíráàmù 5. Ìdajì ṣíbí omi iyọ̀ náà nínú ife mẹ́ta kò tó ìdajì gíráàmù, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti kúúbù inú ọbẹ̀ ti lè gba gbogbo àyè tí ó kù. Ní ti ẹni tí ń da wàrà àgolo aládùn sínú kafé rẹ̀, ìkorò rẹ̀ ti lọ kí iyọ̀ tó dé.