Ejò Kọ́ Ni Ẹjọ́: Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Ẹ, Ọ àti Ṣ Nínú Ayò Sikirábù

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire, tí ẹ ń fi àpò Sikirábù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ta ayò ní èdè Yorùbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ìwé pẹlẹbẹ yìí bẹ̀ yín, pé kí a yéé fi lẹ́tà kan náà pe e àti ẹ. Ègé lẹ́tà 100 ni ó wà nínú àpò náà. E jẹ́ 12, O jẹ́ 8, S jẹ́ 4, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní àmì lábẹ́.

Àwọn kan ní kí a gbójú fo àmì náà, pé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ èyí tí a ń wí. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀ rí, títí di ọjọ́ tí èmi àti àbúrò mi jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó to E, J, O sí orí pátákó, ó ní ejò ni, ó sì gba máàkì 10, nítorí J nìkan ní máàkì 8. Nígbà tí ó kàn mí, mo to M àti O sí abẹ́ O tirẹ̀, mo ní ọmọ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ejò ni mo pè, ẹ ti sọ ọ́ di ẹjọ́."

Òdodo ni ó sọ. Ègé kan ṣoṣo kò lè jẹ́ o ní ìbú kí ó tún jẹ́ ọ ní òró. Ti ohùn kò rí bẹ́ẹ̀: ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ́ àgbẹ̀, lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ wà lára lẹ́tà 25 tí a fi ń kọ èdè wa.

Àwọn mìíràn ní kí V dúró fún ẹ, ṣùgbọ́n V kò ju 2 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ kún ẹnu wa bí omi òjò. Ti SH, bí a ti ń kọ Oshogbo, lè gba ṣ là, ṣùgbọ́n H náà kò ju 2 lọ, ẹ àti ọ kò sì ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí a mú C, Q, V, X àti Z kúrò, tí gbogbo wọn jẹ́ 7, kí 93 ṣẹ́kù. Kí a wá fi tàdáwà tí kì í tètè parẹ́ kán àmì sí abẹ́ E 5, O 4 àti S 2. Ẹ má ṣe lo kútẹ́ẹ̀sì o, nítorí ó máa ń ga lórí ègé, ẹni tí ó bá sì ti ọwọ́ bọ àpò yóò fi ìka mọ èyí tí ó fẹ́. O tí a bá dorí rẹ̀ kodò lè dà bí ẹni pé òkè ni àmì rẹ̀ wà. Nọ́ńbà kékeré tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ ègé ni yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Ní ti ègé òfìfo méjèèjì, kí ẹni tí ó bá lò ó pe lẹ́tà rẹ̀ sókè, o ni tàbí ọ ni, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ayò yóò fi parí.