Ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ tuntun tó ń dùn ún, kì í ṣe òtútù o!

1/ Ó ti tó gẹ́ẹ́. Tí obìnrin bá bímọ, tó ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé "òtútù ló wọ̀ ẹ́ lára, fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́." Tó bá tún ráhùn, wọ́n á ní "ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ bímọ ni?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

2/ Okùn iṣan méjì ló ń fa àtàǹpàkò wa sókè. Wọ́n gba inú ọ̀nà tóóró kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, bí àdá ṣe ń gba inú àkọ̀. Tí àkọ̀ yẹn bá nípọn, àyè á há, gbogbo ìgbà tí àtàǹpàkò bá sì mira ló máa dunni. Ẹ tẹ "de Quervain" sórí fóònù yín. Orúkọ dókítà ará Siwisalandi tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1895 nìyẹn. Láti 1895! Ẹ ṣì ń pè é ní òtútù.

3/ Kí ló ń fà á? Ẹ wo bí a ṣe ń gbé ọmọ. A máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, àtàǹpàkò á yà gbàgà, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ sápá ọmọńdinrín. Ìwúwo ọmọ á wá bọ́ sórí okùn iṣan méjì yẹn. Ká ní ọmọ wọn kílò 4, tẹ́ ẹ sì gbé e nígbà 30 lóòjọ́, kílò 120 nìyẹn. Ọmọ ọ̀hún sì ń wúwo sí i.

4/ Ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí ẹ̀gbọ́n mi bímọ, kò lè ṣí ìdérí ike omi mọ́. Màmá kan nílé ń fa àtàǹpàkò ẹ̀ kó lè dún "kọ́". Ṣe ló wú sí i. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó ká àtàǹpàkò sínú ìkúùkù, kó rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sápá ọmọńdinrín. Ó pariwo! Ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò gan-an ló ti dùn ún. Wọ́n fún un ní ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́, tí kì í jẹ́ kí àtàǹpàkò mira, wọ́n sì kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ọmọ. Ká ní kò lọ sílẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀ ló kàn.

5/ Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ rèé: kọjú àtẹ́lẹwọ́ sókè, fi ọwọ́ kan sábẹ́ ìdí ọmọ, èkejì sábẹ́ ẹ̀yìn àti ọrùn, fà á mọ́ra kó o tó dìde. Apá ni kó gbé e, kì í ṣe àtàǹpàkò. Tó o bá ń fún un lọ́mú, ìrọ̀rí ni kó gbé ọmọ.

6/ Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìka ló ń kú tipiri lóru, nǹkan míì nìyẹn, sọ fún dókítà. Tí ibẹ̀ bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

7/ Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ọ̀rọ̀ kàn yín. Dókítà á ní kó sinmi ọwọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ sinmi ẹ̀ nígbà tó jẹ́ òun nìkan ló ń gbé ọmọ tọ̀sán tòru? Òtútù kọ́ ló ń ṣe ìyàwó yín. Ẹ gbọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jàre!