Ṣájà aláìlówáyà: Ṣé ó tó ohun tí ará Fẹ́sítáàkì ń fi owó kún owó rà?

Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóònù ní Fẹ́sítáàkì tàbí ní Agbojú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin nílùú Èkó, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń polówó fóònù olówó gọbọi lásìkò yìí ni pé kò nílò wáyà láti ṣájì. Ọmọ ọjà á gbé fóònù náà lé orí àwo pẹrẹsẹ kan, iná rẹ̀ á tàn, oníbàárà á lanu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, á da fóònù ọ̀hún dojú bolẹ̀, á gbé fóònù mìíràn lé e lẹ́yìn, tòkè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná lára tìsàlẹ̀ bí ọmọ tó ń mu ọyàn. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sọ fún bàbá tàbí ìyá tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì ra nǹkan yìí ni iye iná tó ń ṣòfò láàárín àwo àti fóònù, pẹ̀lú iye wákàtí tí yóò fi dúró dè é.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1831 ni Máíkẹ́lì Fáradè, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé iná lè kọjá láti ara wáyà kan sí ara wáyà mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n fara kanra. Òun náà ni tiransifọ́mà tó wà lórí òpó ládùúgbò ń lò. Wáyà tí wọ́n wé bí òrùka ló wà nínú tiransifọ́mà, méjèèjì kò so pọ̀, síbẹ̀ iná ń gba inú ọ̀kan dé inú èkejì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé irin ló so òrùka méjèèjì inú tiransifọ́mà, irin yìí ló ń darí agbára náà kó má bàa fọ́n káàkiri. Ní ti ṣájà aláìlówáyà, òrùka kan wà nínú àwo, èkejì wà lẹ́yìn fóònù, afẹ́fẹ́ àti ike ló sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni òfò ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sì tán síbẹ̀. Tí èèyàn bá fi wáyà ṣájì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ara ògiri ni yóò sọ iná ilé di irú tí bátìrì lè gbà, yóò sì gba inú wáyà lọ tààrà. Ti aláìlówáyà gba ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ ara ògiri yóò yí iná padà, àwo yóò tún un yí kó lè máa lọ, kó máa bọ̀, ní ìgbà tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò fò kọjá sínú fóònù, fóònù yóò sì tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó wọ bátìrì. Ní gbogbo oríta wọ̀nyí ni iná ti ń san owó-orí, ooru ni wọ́n sì fi ń gba owó-orí náà. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn fóònù fi máa ń gbóná bí èèyàn bá gbé e kúrò lórí àwo.

Ní ọdún 2020, oníròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan wọn òfò yìí pẹ̀lú fóònù Gúgùlù kan tí wọ́n ń pè ní Píkísẹ̀lì 4. Nígbà tó fi wáyà ṣájì rẹ̀ láti òdo títí tó fi kún, wáàtì-wákàtí 14.26 ló fà lára ògiri. Nígbà tó gbé fóònù kan náà sórí àwo, ó fa 21.01. Bátìrì kan náà ló kún, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní wáyà fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ iná ju èyí tó ní wáyà lọ. Bí fóònù bá sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò láàárín àwo, òfò náà á tún pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò náà wá sílé. Ká ní bàbá kan wà ní Fẹ́sítáàkì tí bátìrì fóònù rẹ̀ jẹ́ 5,000, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí. Tó bá ń ṣájì rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, òfò tí àwo yóò fi kún tiwáyà yóò tó wáàtì-wákàtí 12. Ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ ló ń jẹ́ yúnìtì kan lójú mítà. Nítorí náà, lọ́dún kan gbáko, àfikún òfò náà kò tó yúnìtì márùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele kìíní lọ sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 225 ni wọ́n bu lé yúnìtì kan kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Ká tiẹ̀ fi 225 náà ṣírò ó, owó tí bàbá yìí yóò pàdánù lọ́dún kò pé ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ẹni tó bá ń pariwo pé ṣájà aláìlówáyà yóò jẹ owó iná èèyàn tán kò sọ òótọ́.

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ ni àkókò tí kò bá sí iná. Kì í ṣe gbogbo òpópónà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ló wà ní ìpele kìíní tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí iná fún lójúmọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ pàápàá mọ ọjọ́ tí òkùnkùn máa ń bo ilé. Bí iná bá dé fún wákàtí kan ààbọ̀ péré, wáyà tó dára lè gbé ọ̀pọ̀ fóònù láti ìsàlẹ̀ dé itòsí kíkún láàárín àsìkò yẹn. Àwo tó ń gbé wáàtì méje tàbí mẹ́wàá lè má tíì dé ìdajì. Wákàtí ni bàbá yìí ń pàdánù, kì í ṣe náírà.

Pawà báǹkì ló tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Èyí tí wọ́n kọ 10,000 sí lára, wáàtì-wákàtí 37 ló wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi wáyà fà á, yóò kún fóònù bàbá yẹn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún ṣẹ́kù tó lè gbé e dé nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ irú pawà báǹkì tí wọ́n ń gbé fóònù lé lórí, agbára kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ìṣájì ẹyọ kan. Ẹni tó wà ní abúlé, tó ń fi páànẹ́lì oòrùn kékeré kó iná jọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní irú iná bẹ́ẹ̀ tí yóò máa dà sílẹ̀.

Ooru náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bátìrì inú fóònù kò fẹ́ràn ooru rárá, bó bá ṣe ń gbóná tó ni ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú tó. Nínú yàrá tí fáànù kò ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹta, fóònù tó wà lórí àwo á gbóná débi tí òun fúnra rẹ̀ á dín iná tó ń gbà kù, tàbí kó dá a dúró títí ara rẹ̀ á fi tutù. Ẹni tó ni ín á sùn, á jí, á bá a ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, á sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Nígbà mìíràn, fóònù ló yẹ̀ lóru nígbà tó ń gbọ̀n nítorí ìpè. Nígbà mìíràn, àpò fóònù tó nípọn ni, tàbí kọ́kọ́rọ́, kọ́ìnì àti káàdì báńkì tó há sáàárín. Irin tó bá há síbẹ̀ lè gbóná gan-an, káàdì sì lè bàjẹ́.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí àwọn olùrà kì í tètè rí. Wọ́n lè kọ wáàtì 15 sára àwo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í bá ẹ̀rọ ara ògiri wá nínú páálí. Bí èèyàn bá wá kì í bọ ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ju wáàtì márùn-ún lọ, kò sí bí ó ṣe máa rí 15 gbà níbẹ̀. Áífóònù pàápàá kì í gbà ju wáàtì 7.5 lọ lórí àwo lásán tí kò ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá àmì Qi lára páálí, ìyẹn àmì tí àjọ àwọn tó ń ṣe é fọwọ́ sí, kó sì dán an wò: kó fi wáyà ṣájì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ogún nínú ọgọ́rùn-ún, kó kọ ibi tó dé sílẹ̀, kó tún fi àwo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti ogún náà. Ìwé ìdánwò yẹn á sọ ju ẹnu ọmọ ọjà lọ.

Èyí tí fóònù ń ṣájì fóònù ló tún ṣòfò jù. Húáwè ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2018, Sáǹsúǹgì tẹ̀ lé e lọ́dún 2019, Wireless PowerShare sì ni orúkọ tó ń jẹ́ lójú fóònù tiwọn. Wáàtì 4.5 ni wọ́n sọ pé ó ń gbé jáde, ó sì máa ń kọ̀ bí bátìrì ẹni tó ń fúnni bá ti lọ sílẹ̀ ju ọgbọ̀n lọ. Ká ní ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ há sínú gò-sílóò ní Máìlì 2, tí fóònù ọmọ ti kú. Bí ìyá bá fẹ́ fún un ní ìdá mẹ́wàá péré, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kúrò lára tirẹ̀, torí iná yìí jáde láti inú bátìrì kan kó tó wọ òmíràn, ó sì san owó-orí lọ lápá méjèèjì. Yóò gbà tó ìṣẹ́jú ogójì sí àádọ́ta, fóònù méjèèjì kò sì gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn ara wọn nínú dáńfó tó ń já sínú kòtò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní wáyà kúkurú tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bára mu, nǹkan bí mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ni ìyá yóò pàdánù, ọmọ á sì lè máa tẹ fóònù rẹ̀ lọ. Áífóònù 15 tó jáde ní 2023 gan-an, wáyà ló fi ń fún fóònù mìíràn níná. Ibi tí èyí aláìlówáyà ti wúlò ni orí nǹkan kékeré bí aago ọwọ́ àti gbohùngbohùn etí, tí bátìrì wọn kò tó nǹkan.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí owó yìí kò ní dùn wọ́n. Ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ojú rẹ̀ kò rí ihò ṣájà mọ́, tó máa ń kì í títí yóò fi fọ́ ẹnu rẹ̀, àwo tó ní mágínẹ́ẹ̀tì yóò gbà á lọ́wọ́ wàhálà, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbé fóònù sí àárín gan-an fún un. Ẹni tí ẹnu ṣájà fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́ tún lè fi àwo rọ́gbọ́n títí dìgbà tó bá rí owó àtúnṣe. Láti ọdún 2024 tí Ìnfínísì ti fi í sínú fóònù Nóòtì 40, kì í ṣe fóònù àwọn olówó nìkan ló ní i mọ́. Ẹni tó bá bá a lára fóònù tó ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, kó gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ìyàtọ̀ láàárín fóònù méjì tí iye wọn jìnnà síra, kí bàbá Fẹ́sítáàkì yẹn mú èyí tí kò wọ́n, kó fi díẹ̀ lára èyí tó ṣẹ́kù ra wáyà gidi méjì àti pawà báǹkì kan, kó sì fi ìyókù sápò.