"Àwọn" kì í ṣe "s": ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú "staffs"

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a ó sì sọ ọ́ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan àwa olùkọ́ náà.

A rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó ń polówó pé èdè méjì ni òun fi ń kọ́ ọmọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "All staffs must resume on Monday." Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ: "The Managements." Àwọn òbí ń san owó gọbọi kí ọmọ wọn lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ń ka ìwé yẹn láràárọ̀. Kí ni a wá fẹ́ kó kọ lọ́jọ́ ìdánwò?

Àwọn kan á ní àwọn ará Nàìjíríà ló kó o gba Ìgólò wọlé. Lóòótọ́, wọ́n ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún náà. Ṣùgbọ́n ilé wa gan-an ni kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Ní Yorùbá, a ní òṣìṣẹ́ kan, a sì ní àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ wa rò pé "staff" ni òṣìṣẹ́ kan, ó wá sọ "àwọn" di "s". Faransé tún ràn án lọ́wọ́, nítorí àwọn ìwé ìjọba ń kọ "les personnels".

Bẹ́ẹ̀, "staff" kì í ṣe ẹnì kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibì kan lápapọ̀ ni, bí ìgbà tí a bá ní ẹgbẹ́ tàbí ìgbìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè sọ pé "one staff" tàbí "twelve staffs". Ẹnì kan nínú wọn ni "a member of staff". Bí wọ́n bá jẹ́ méjìlá, "twelve members of staff" ni.

A kò sọ pé "staffs" kò sí rárá o. Bí ilé ẹ̀kọ́ méjì bá pàdé, tí kálukú ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, "the staffs of the two schools" tọ̀nà, nítorí àpapọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló lẹ ìwé tiwọn.

Ó wá ku ẹ̀bi tiwa, àwa tí a fi Faransé kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Faransé kọ́ wa pé "le personnel est", "l'équipe est", ọ̀rọ̀ ìṣe ẹyọ. Ọmọ kan kọ "The staff are in a meeting", a sì fi bíìkì pupa fà á. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ojú tì wá: ọmọ ló gbà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba ń lo "is", wọ́n sì ń lo "are". Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sábà máa ń dúró sórí "is".

Ìtumọ̀ ló ń yan èyí tí a ó lò. Bí a bá ka ẹgbẹ́ sí ohun kan ṣoṣo, "The team is the best in town" ni. Bí a bá ń rí kálukú wọn lọ́kàn, "The team are putting on their boots", nítorí kálukú ló ń wọ bàtà tirẹ̀. Etí Yorùbá mọ èyí tẹ́lẹ̀. A máa ń ní, "Ẹgbẹ́ náà ti dé, wọ́n ń wọ bàtà." Ẹgbẹ́ kan ni, síbẹ̀ "wọ́n" ni a pè é. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa ni kì í yí padà, ìyẹn ni ọmọ kò fi rí ohun tí yóò dì mú.

Ohun tí ó yẹ kí a fà ní pupa ni kí ọmọ pa méjèèjì pọ̀: "The management has met and have decided." Èyí tí ó bá fi bẹ̀rẹ̀ ni kó fi parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ já ìwé náà. "All staff must resume on Monday" ló tó, kí "The Management" sì buwọ́ lù ú. Àwa olùkọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a dá máàkì ọmọ padà fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.