Oje Kíkorò Alóè Kì í Ṣe Ohun Mímu

Ohun méjì ni ó wà nínú ewé alóè. Lábẹ́ èèpo rẹ̀ ni oje kan wà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè, ó sì korò gidigidi. Àárín ewé náà mọ́ gaara, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Èmi kò rí ìdí tí a fi ń lọ méjèèjì pọ̀ láti fi fọ inú.

Aládùúgbò mi kan ní Kétu lọ odindi ewé tèèpo-tèèpo, ó mu ún lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú ń lọ́ ọ, ó sì ń ṣu gbuuru. Ó ní ìdọ̀tí ni ó ń jáde. Rárá o! Oje kíkorò náà ni ó ń fún ìfun rẹ̀, tí ó ń lé omi àti iyọ̀ ara dànù. Aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ mu ún rárá.

Ẹni tí yóò fi alóè pa ara, kí ó gé ewé náà, kí ó gbé e nàró, kí ojú ibi tí ó gé wà nísàlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 15, oje náà yóò ti ro jáde. Lẹ́yìn náà, kí ó bó èèpo, kí ó sì fi omi ṣan àárín rẹ̀ dáadáa. Bí iná bá jó ni díẹ̀, omi tútù ni a ó kọ́kọ́ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20. Egbò tí ó jìn, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Ní ti ẹnu, ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ díẹ̀ nínú àárín tí a ti ṣàn. Bí ó bá ṣì korò, oje náà kò tíì tán níbẹ̀: ẹ dà á nù.