Inú Tí Ń Run Ọmọ, Orí Tí Ń Fọ́ Ìyá

Bí ọmọ bá sọ pé inú ń run òun ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun mẹ́ta ni àwa àgbà sábà máa ń sọ: aràn ni, oúnjẹ àná ni, tàbí kí ó jẹ́ pé kò fẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a fi ìbéèrè kan kún un: ta ni orí máa ń fọ́ nínú ìdílé yìí?

Mo mọ ìyá ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín oṣù mẹ́fà, inú run ọmọ náà ní ìgbà mẹ́fà. Àyíká ìdodo ni ó máa ń fọwọ́ lé. Ojú rẹ̀ á ṣá, ètè rẹ̀ á funfun, èébì á máa gbé e, kò sì ní fẹ́ gbọ́ òórùn oúnjẹ rárá. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, á sùn lọ. Bí ó bá jí, á ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ, á sì máa gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Bí ó ṣe ń yá kíákíá yìí ni bàbá rẹ̀ fi gbà pé ó ń díbọ́n.

Dókítà yẹ ọmọ náà wò, ó sì béèrè bóyá irú ẹ̀fọ́rí kan wà nínú ìdílé wọn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi pe ẹ̀fọ́rí náà. Ìyá ọmọ ní rárá. Kò purọ́. Túúlu ni òun mọ̀, èyí tí ó máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó lè wo iná. Kò mọ̀ pé ohun tí dókítà ń béèrè gan-an nìyẹn.

Ìgbà tí ó pe ìyá tirẹ̀ ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yé e. Màmá ní, "Ṣé o ti gbàgbé ni? Inú ni ó máa ń run ìwọ náà nígbà tí o wà ní kékeré. Ìgbà tí o wọ ilé-ìwé girama ni inú rírun yẹn lọ, tí túúlu wá bẹ̀rẹ̀."

Ohun tí ń ṣe ọmọ náà ni mo máa pè ní túúlu inú. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán tí ó lè fi í hàn. Ìtàn àìsàn náà ni àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀: ó ti ṣe ọmọ ní ó kéré tán ìgbà 5; ìrora náà wà ní àárín inú, ó máa ń tó wákàtí 2 sí 72; oúnjẹ kì í wù ú jẹ, èébì ń gbé e tàbí ó ń bì, ojú rẹ̀ sì ń ṣá; ara rẹ̀ sì máa ń le pátápátá títí di ìgbà mìíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe àìsàn mìíràn. Ní ti àwọn ọmọ wa, ẹ rántí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí òun náà máa ń fa inú rírun. Bí ìrora bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ inú lápá ọ̀tún, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí èébì bá ní àwọ̀ ewé, bí ibà bá mú un tàbí tí ó ń rù, ẹ má sọ pé túúlu ni. Ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé. Nínú ìgbà mẹ́rin tí ó tún ṣe ọmọ náà, mẹ́ta bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè, lẹ́yìn òru tí wọ́n pẹ́ ní òde ìnáwó tí ọmọ kò sì jẹun àárọ̀. Ilé-ìwé kọ́ ni ó ń sá fún nígbà náà. Ní báyìí, wọ́n ń jẹ́ kí ó tètè sùn, kí ó sì jẹun lásìkò. Àìsàn náà kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n kò wá léraléra mọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pa iná yàrá, wọ́n á fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ àti oògùn ìrora tí dókítà sọ, ní ìwọ̀n tí ó bá ara rẹ̀ mu.

Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan máa ń díbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni ó lè mú kí ètè ara rẹ̀ funfun?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń ṣe ògbufọ̀ fún òbí tàbí ìyá àgbà ní ọsibítù. Ẹ má kàn tún orúkọ tí dókítà pè sọ. Ẹ béèrè bí ọmọ Yorùbá ṣe ń béèrè: "Mà, ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ìdílé wa tí túúlu ń yọ lẹ́nu? Ṣé inú máa ń run ẹ̀yin náà nígbà tí ẹ wà ní kékeré?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí.