Ìyípadà Àkókò Iṣẹ́: Ìfitónilétí Kì í Ṣe Ìfohùnṣọ̀kan

Ní Kòmú, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn, kò ṣòro láti rí ibi iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gba òṣìṣẹ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ yí àkókò iṣẹ́ padà, tí a ń pè ní ṣíìfù, yóò lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Ohun méjì ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ lórí èyí. Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù 3 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wákàtí iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí àdéhùn náà bá yí padà, ìwé tí ó ṣàlàyé ìyípadà náà kò gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù 1 lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣì í lóye. Oṣù 1 yìí wà fún kíkọ ohun tí ó ti yí padà sílẹ̀. Kò fún ẹnikẹ́ni ní agbára láti dá yí i padà. Abala 13 ni ó sọ bí a ṣe ń mọ wákàtí iṣẹ́: nípa àdéhùn tọ̀túntòsì, tàbí nípa àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí nípa ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ fún owó iṣẹ́. Ohun tí ènìyàn méjì jọ fẹnu kò sí, ẹnì kan kò lè dá tú u.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé búrẹ́dì kan ní Kòmú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọkùnrin 4 àti obìnrin 2 ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti aago 8 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá fẹ́ kí búrẹ́dì ti jinná kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ó fẹ́ kí àwọn kan máa ṣiṣẹ́ láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀.

Kí ó kọ́kọ́ pè wọ́n, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì gbọ́ tẹnu wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ lẹ́tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ tí ìyípadà yóò bẹ̀rẹ̀ tó dé. Lẹ́tà náà lè lọ báyìí: “Láti aago 8 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ yín wà báyìí. A ń bẹ̀ yín kí ẹ gbà kí ó di aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀, láti ọjọ́ tí a kọ sísàlẹ̀ yìí. Ìsinmi wákàtí 1 wà láàárín rẹ̀. Iye owó oṣù yín àti àfikún fún iṣẹ́ òru ni a kọ síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ 2.” Kí àyè wà nísàlẹ̀ fún “Mo gbà” àti fún “N kò gbà”, fún ìbuwọ́lùwé àti déètì. Ẹ̀dà 2 ni kí wọ́n ṣe, kí òṣìṣẹ́ mú ọ̀kan.

Bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ̀wé, kí a ka lẹ́tà náà fún un ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Kí ẹni tí ó bá a kọ ọ́ fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìfohùnṣọ̀kan kò lè sọ di ẹ̀tọ́. Abala 55 kò gba kí obìnrin ṣe iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe nǹkan jáde tàbí ní oko ńlá; àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin tí ó wà nípò alákòóso, tí kì í ṣe iṣẹ́ alágbára, ni ó yọ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀gá yìí fi àwọn obìnrin 2 náà sílẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀sán, bí wọ́n tilẹ̀ gbà. Bákan náà, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, kí ó sì ní odindi ọjọ́ 1 láti sinmi nínú ọjọ́ 7.

Bí ẹnì kan bá ní òun kò gbà ńkọ́? Àdéhùn àtijọ́ ṣì dúró. Bí ọ̀gá kò bá lè bá a lọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ó fún un ní àkókò ìfitónilétí tí òfin là sílẹ̀ kí ó tó dá a dúró: ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí ó ti lo ju oṣù 3 ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ọdún 2 sí ọdún tí kò pé 5, oṣù 1 fún ọdún 5 sókè. Bí àdéhùn bá fún un ju èyí lọ, ti àdéhùn ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Kí òṣìṣẹ́ tí kò gbà má ṣe dákẹ́. Ẹni tí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní òru fún oṣù púpọ̀ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ lè dà bí ẹni tí ó ti gbà. Kí ó kọ ọ́ pé òun kò gbà, kí ó fi déètì sí i, kí ó sì pa ẹ̀dà mọ́. Ẹ̀dà yìí ni yóò lò bí ọ̀rọ̀ bá dé Ilé-Ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tí ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn.

Àmì tí a fi ń mọ ìfohùnṣọ̀kan tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kò pọ̀: déètì ìbuwọ́lùwé tí ó tẹ̀yìn ọjọ́ tí ṣíìfù tuntun bẹ̀rẹ̀, tàbí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo òṣìṣẹ́ buwọ́ lù láìsí wákàtí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá rí irú rẹ̀ nínú fáìlì rẹ̀, kí ó tún un kọ nísinsìnyí.